Owó Òní àti Owó Ọ̀la: Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Tí Ìlérí Owó Jẹ́ Lónìí

Obìnrin kan tó jẹ́ àbúrò fún mi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó fẹ́ tà. Ẹni méjì ló fẹ́ rà á. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun máa san 1,000,000 lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kejì ní òun máa san 1,200,000, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lòun máa san án: 400,000 nígbà tó bá pé ọdún kan, 400,000 nígbà tó bá pé ọdún méjì, àti 400,000 nígbà tó bá pé ọdún mẹ́ta. Ó pè mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, 200,000 ló fi lé e o. Ṣé kí n jẹ́ kó kọjá lọ ni?”

Mo ní kó má tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kó mú bébà àti ẹ̀rọ ìṣírò. Ohun tí a jọ ṣe lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, torí pé ìṣírò kan náà ló wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ “gbà á báyìí” tàbí “gbà á tó bá yá”: ilẹ̀ tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ní kí ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan tàbí lóṣooṣù, gbèsè tí ẹni tó jẹ yín ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fún òun láàyè sí i. Mi ò ní dárúkọ owó orílẹ̀-èdè kankan, torí ìṣírò náà kì í yàtọ̀.

Kí ló dé tí 100 òní fi ju 100 ọ̀la lọ?

Ohun mẹ́ta ló fà á, ó sì dáa ká yà wọ́n sọ́tọ̀, torí àwọn èèyàn sábà máa ń pò ó pọ̀.

Èkíní ni pé owó tó wà lọ́wọ́ lè bímọ. Ẹ lè fi sí ibi tó ti ń mú èlé wá, ẹ lè fi ṣòwò, ẹ sì lè fi san gbèsè tí èlé rẹ̀ ń gorí ara wọn. Owó tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lè ṣe ìkankan nínú ìyẹn fún yín. Ẹni tó di owó yín mú fún ọdún kan ti gba iṣẹ́ tí owó náà ìbá ṣe fún yín lọ́dún yẹn.

Èkejì ni ọ̀wọ́n ọjà. Bí ọjà bá ń gbówó lórí, iye kan náà á máa ra nǹkan tó kéré sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí ni pé bí ọjà kò bá tilẹ̀ gbówó lórí rárá, owó òní ṣì máa ju owó ọ̀la lọ nítorí ìdí àkọ́kọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé “ọjà ò wọ́n mọ́, kò séwu nínú kí n dúró” ti gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ìlérí lè yẹ̀. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó ṣèlérí lè ṣàìsàn, òwò rẹ̀ lè dẹnu kọlẹ̀, ó sì lè yí ohùn padà. Mo máa padà sórí èyí nígbà tó bá yá, torí kò yẹ ká kó o pọ̀ mọ́ ìṣírò láìmọ ohun tí à ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ owó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀

Ẹ fa ìlà kan sórí bébà. Ẹ kọ “òní” sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún 1, ọdún 2 àti ọdún 3 tẹ̀ lé e. Lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tó máa wọlé lọ́jọ́ náà. Ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 1,000,000 lábẹ́ “òní”, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ àwọn yòókù. Ti ẹnì kejì jẹ́ òdo lábẹ́ “òní”, àti 400,000 lábẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ó lè dà bí iṣẹ́ ọmọdé, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti kó 400,000 mẹ́ta jọ di 1,200,000 kó tó wo ọjọ́ wọn. Owó tí ọjọ́ wọn kò dọ́gba kò ṣeé rò pọ̀ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a kò ṣe lè ro owó orílẹ̀-èdè méjì pọ̀ láìkọ́kọ́ ṣẹ́ ọ̀kan sí èkejì. A ní láti kó gbogbo wọn wá sí ọjọ́ kan ṣoṣo ná. Òní ló rọrùn jù, torí òní la fẹ́ pinnu.

Ẹ béèrè ọjọ́ náà dáadáa pẹ̀lú. “Lọ́dọọdún” lè túmọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tàbí òpin rẹ̀, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín méjèèjì jẹ́ èlé odindi ọdún kan lórí gbogbo owó náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ìwọ̀n èlé tiyín

Èyí ló le jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Ìṣírò tó kù, ọmọ iléèwé lè ṣe é. Àmọ́ bí ìwọ̀n tí ẹ fi ṣe é bá wọ́, ìdáhùn tó máa jáde á wọ́ pẹ̀lú, bó ti wù kí ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa tó.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni èyí: bí mo bá ní owó yìí lọ́wọ́ lónìí, kí ni mo máa fi ṣe ní tòótọ́, èló ló sì máa mú wá lọ́dún? Kì í ṣe ohun tí ẹ gbọ́ pé ẹnì kan fi owó rẹ̀ ṣe. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe ni.

Mo kọ́kọ́ bi àbúrò mi bóyá ó jẹ gbèsè tó ń gba èlé. Ìbéèrè yẹn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nígbà gbogbo. Ká ní ó jẹ gbèsè tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 15 nínú 100 lọ́dún, tó sì lè fi owó ẹ̀rọ náà san án, a jẹ́ pé ìwọ̀n tirẹ̀ nìyẹn. Èlé tí a kò san mọ́ kò yàtọ̀ sí èrè tó wọlé, ó tilẹ̀ dára jù ú lọ, torí ó dájú. Ó ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni. Mo wá béèrè ibi tó máa ń fi owó sí bí iṣẹ́ bá mú un wá. Ó ní báǹkì òun ń gba owó tí wọ́n ń dè mọ́lẹ̀ fún ọdún kan, ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n sì ń san. Ìdá 10 la bá mú.

Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn máa ń gbà ṣìnà níbí. Ọ̀kan ni kí wọ́n pa oṣù pọ̀ mọ́ ọdún. Bí ẹnì kan bá ní ìdá 2 nínú 100 lóṣù lòun ń gbà, ọ̀pọ̀ máa sọ ọ́ di ìdá 24 lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí èlé oṣù kọ̀ọ̀kan bá ń wọnú ojú owó, tí èlé sì ń gorí èlé, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 27 tí ọdún bá yípo. Bí owó bá ń wọlé lọ́dọọdún, ẹ lo ìwọ̀n ọdún; bó bá ń wọlé lóṣooṣù, ẹ lo ìwọ̀n oṣù.

Ìkejì ni pé kí wọ́n yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò nínú ìwọ̀n, kí wọ́n má sì yọ ọ́ kúrò nínú owó. Àwọn 400,000 yìí ti wà nínú àdéhùn ní iye kan pàtó, wọn kò ní pọ̀ sí i bí ọjà bá wọ́n. Nítorí náà, odindi ìdá 10 tí báǹkì ń san la máa lò. Ẹni tó bá sọ pé “ọjà ń fi ìdá 6 wọ́n, ìdá 4 péré ni èrè mi, ẹ jẹ́ kí n lo ìdá 4” ti gbé ìlérí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà níyì ju bó ti yẹ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kó owó ọ̀la wá sí òní

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ síwájú, ká lè mọ bí a ṣe ń padà. Bí mo bá fi 100,000 síbi tó ń mú ìdá 10 wá, ó máa di 110,000 lẹ́yìn ọdún kan. Lọ́dún kejì, èlé náà ń bímọ tirẹ̀, owó náà á di 121,000. Lọ́dún kẹta, á di 133,100. Ohun tí a ń ṣe lọ́dọọdún ni pé a ń fi 1.10 sọ owó náà di púpọ̀.

Láti padà wá sí òní, ẹ fi 1.10 pín in, lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí owó náà jìnnà sí wa:

```
400,000 / 1.10              = 363,636
400,000 / 1.10 / 1.10        = 330,579
400,000 / 1.10 / 1.10 / 1.10 = 300,526
```

Ẹ wo 400,000 ti ọdún kẹta yẹn. Iye tó jẹ́ lónìí fi díẹ̀ ju 300,000 lọ. Bí ẹ bá ní 300,526 lọ́wọ́ báyìí, tí ẹ sì fi sí báǹkì yẹn fún ọdún mẹ́ta, òun náà ló máa di 400,000. Nígbà tí àbúrò mi rí i, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ìyẹn ni pé ìdá mẹ́rin kan ti bọ́ sọnù lára rẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ẹ má ṣe yọ ìdá 10 lẹ́ẹ̀mẹta kúrò lára 400,000 kí ẹ sì pe ohun tó ṣẹ́ kù ní iye òní. Ìyẹn á fún yín ní 280,000, kò sì tọ̀nà. Bí ẹ bá fi 280,000 sí báǹkì náà, kò ní tó 400,000 lọ́dún kẹta. Ọ̀nà tí ẹ fi máa dá àṣìṣe yìí mọ̀ nìyẹn: ẹ gbé ìdáhùn yín, ẹ fi 1.10 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wò ó bóyá ó padà sí ibi tó ti wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ fi wéra

Ní báyìí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di owó òní, a lè rò wọ́n pọ̀. 363,636 àti 330,579 àti 300,526 jẹ́ 994,741. Ìlérí 1,200,000 kò tó 1,000,000 tó wà nílẹ̀. 5,259 ló fi dín.

Kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́, mi ò sì bínú sí i, torí pé 200,000 tí wọ́n fi lé e yẹn ń dán lójú. Mo ní ká ṣe é lọ́nà tí kò sí ìpín nínú rẹ̀ rárá. Ká sọ pé ó gba 1,000,000 òní, ó fi sí báǹkì, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ san 400,000 fún ara rẹ̀ lọ́dọọdún, bí ẹnì kejì ìbá ṣe san án.

Lópin ọdún kìíní, 1,000,000 ti di 1,100,000. Ó yọ 400,000, ó ku 700,000. Lópin ọdún kejì, 700,000 ti di 770,000. Ó yọ 400,000, ó ku 370,000. Lópin ọdún kẹta, 370,000 ti di 407,000. Ó yọ 400,000, 7,000 sì ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Ó ti gba gbogbo ohun tí ẹnì kejì ṣèlérí, lọ́jọ́ tó ṣèlérí wọn gan-an, 7,000 ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí ìṣírò máa ń bà lẹ́rù, èyí ni kí ẹ fi hàn án.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè jẹ́ kí tábìlì ìṣírò bíi Excel bá a ṣe é:

```
=NPV(10%,400000,400000,400000)
```

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan nínú `NPV`. Owó àkọ́kọ́ tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀, ó máa kà á sí owó òpin ọdún kìíní. Bí apá kan owó bá ń wọlé lónìí, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú àkámọ́. Ẹ rò ó mọ́ ọn láti ìta. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú, kọ̀ǹpútà á pín owó tó ti wà lọ́wọ́ yín, kò sì ní sọ fún yín pé nǹkan kan wọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dọ́gba

5,259 kò pọ̀ lára 1,000,000. Bí ìyàtọ̀ bá kéré báyìí, ẹ má ṣe tíì dá ẹjọ́. Ẹ béèrè pé: ìwọ̀n èlé wo ló máa mú kí ìlérí méjèèjì dọ́gba? Ẹ lè fi ọwọ́ wá a, kí ẹ máa gbé ìwọ̀n sókè sódò. Ní ìdá 8, owó ẹnì kejì jẹ́ 1,030,839, ó ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ní ìdá 10, ó ti bọ́ sísàlẹ̀. Ní ìdá 15, ó ti já sí 913,290. Ibi tí wọ́n ti dọ́gba wà láàárín 8 àti 10, kọ̀ǹpútà á sì sọ ọ́ gan-an:

```
=RATE(3,400000,-1000000)
```

Ìdá 9.7 ló máa jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá yan ẹnì kejì ti yá a ní 1,000,000 fún ọdún mẹ́ta, ìdá 9.7 sì ni èlé tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ báyẹn, ọ̀rọ̀ náà yí padà lójú àbúrò mi. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun máa yá ọkùnrin tí òun kò mọ̀ rí ní mílíọ̀nù kan ní ìdá 9.7, nígbà tí báǹkì ń fún òun ní 10.

Ibí yìí ni ìdí kẹta tí mo sọ níṣàájú ti wọlé, ìyẹn ìlérí tó lè yẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìdá mélòó kan kún ìwọ̀n wọn nítorí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn kí n kọ́kọ́ wò ó lójúkojú: bí ẹni yìí kò bá san ti ọdún kẹta ńkọ́? Iye òní máa já sí 694,215. Kò sí ìdá èlé kékeré kan tó lè di irú ihò bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè dín in kù ni kí owó tètè wọlé, tàbí kí nǹkan kan wà tí ẹ lè dì mú bí kò bá san.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi ọjọ́ dúnàádúrà

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń ná iye, wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjọ́. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ fúnra rẹ̀ lówó lórí.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílé ayé. Lọ́dún 1202, Leonádò ará Písà, onímọ̀ ìṣírò ní ilẹ̀ Ítálì, kọ ìṣírò kan sílẹ̀ nípa jagunjagun kan tí ọba ń fún ní 300 bẹ́sáǹtì, ìyẹn owó wúrà ayé ìgbà náà, lọ́dún. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń san án lẹ́ẹ̀mẹrin, 75 lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọba wá ní kí wọ́n máa san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lópin ọdún. Jagunjagun náà sì lè fi owó rẹ̀ jèrè ìdá 2 nínú 100 lóṣù. Èló ló pàdánù? Bí ẹ bá fi ìdá 6 fún oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ṣe é bí a ti ṣe lókè, sísan lẹ́ẹ̀mẹrin jẹ́ nǹkan bí 260 lónìí, sísan lópin ọdún sì jẹ́ nǹkan bí 238. Ọba kò yọ kọ́bọ̀ kan kúrò lára 300 rẹ̀, síbẹ̀ ó ti gba 22 lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọba ṣe fi ọjọ́ gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà lè fi ọjọ́ gbà á padà. Mo ní kí àbúrò mi má ṣe béèrè ju 1,200,000 lọ lọ́wọ́ ẹnì kejì, kó kàn ní kí ó san 300,000 lónìí, kí 900,000 tó kù pín sí ọdún mẹ́ta, 300,000 lọ́dún kan. Iye òní ìyẹn jẹ́ 1,046,056. Àròpọ̀ kò yí padà, àmọ́ ó ti fi 46,000 borí owó ojú ẹsẹ̀. Ohun tó tún dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé bí ọkùnrin náà bá sá lọ́dún kẹta, ohun tó máa sá pẹ̀lú ti dín kù.

Ó pe ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà ní òun kò lè rí ju 250,000 lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí i pé kí 950,000 tó kù di 316,667 lópin ọdún kọ̀ọ̀kan. A tún jókòó sí ìṣírò, ó já sí 1,037,504. Àbúrò mi gbà, àmọ́ ó fi ohun méjì sínú ìwé àdéhùn kó tó fọwọ́ sí i. Èkíní ni pé ẹ̀rọ náà kò tíì di ti ọkùnrin náà títí yóò fi san èyí tó kẹ́yìn. Èkejì ni pé oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́ kó tó san, ó máa fi 2,500 kún un, torí pé ní ìdá 10 lọ́dún, nǹkan bí iye tí 316,667 ìbá bí lóṣù kan nìyẹn.